Má kàn yọ àwọn tí ò padà wá kúrò nínú dátà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe risáàṣì lórí àìsàn ọpọlọ níbí l'Óṣogbo, àṣìṣe tí mo ń rí jù rèé: ẹni tí ò bá ti wá fún ìbẹ̀wò oṣù kẹfà, wọ́n á yọ ọ́ dànù, wọ́n á fi àwọn tó kù ṣe ìṣirò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kọ̀ǹpútà gan-an á ti yọ wọ́n láì bi ẹ́. Ta ni kì í wá? Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mú débi pé àtidìde lórí bẹ́ẹ̀dì gan-an dogun, ṣé òun ló máa wọ mọ́tò láti Ìkìrun torí kó lè wá dáhùn ìbéèrè?

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà àròsọ wò ó. Ká ní èèyàn 200 la fi bẹ̀rẹ̀: lórí PHQ-9, ìyẹn máàkì tá a fi ń díwọ̀n bí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ṣe le tó, tàwọn 100 jẹ́ 20 sókè, tàwọn 100 yòókù wà láàárín 10 sí 14. Nígbà tó doṣù mẹ́fà, 40 péré ló padà nínú àwọn tó le, ìpíndọ́gba wọn 16. Nínú àwọn tó fúyẹ́, 80 padà, ìpíndọ́gba tiwọn 8. Tó o bá lo 120 yìí nìkan, 10.7 lo máa rí. Àmọ́ tá a bá gbà pé àwọn tí ò wá jọ àwọn tí wọ́n jọ wà ní ẹgbẹ́ kan náà tó wá, 12 ló yẹ kó jẹ́, torí 100 ní 16, 100 ní 8.

Àwọn kan á wá lọ ki 10.7 bọ gbogbo àlàfo. Ìyẹn ò tún nǹkan kan ṣe o, 10.7 náà ló ṣì máa jẹ́, ó wá tún jẹ́ kó dà bíi pé ó dá ẹ lójú ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tí multiple imputation ń ṣe ní tiẹ̀ ni pé ó máa fi PHQ-9 ọjọ́ àkọ́kọ́, ọjọ́ orí àti nǹkan míì tó o mọ̀ nípa ẹni náà méfò nọ́ńbà tó ṣeé ṣe, á fi ìyàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí i, á wá ṣe é lọ́pọ̀ ẹ̀dà. Ìdá 40 nínú 100 ni ò padà wá níbí, ẹ̀dà 40 á dáa. Bó o ṣe máa ṣe é nínú R rèé: `d` ni dátà ẹ, `phq0` ni PHQ-9 ọjọ́ àkọ́kọ́, `phq6` sì ni ti oṣù kẹfà.

```
library(mice)
imp <- mice(d, m = 40, seed = 1)
fit <- with(imp, lm(phq6 ~ 1))
summary(pool(fit))
```

Jọ̀ọ́, má da ẹ̀dà 40 yẹn pọ̀ sójú kan kó o tó ṣe ìṣirò o! Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ló máa ní ìdáhùn tiẹ̀, `pool` ló máa kó ìdáhùn jọ, á sì fi bí wọ́n ṣe yàtọ̀ síra kún iyèméjì tó wà níbẹ̀.

Kì í kúkú ṣe gbogbo ìgbà ni yíyọ wọ́n burú. Tó bá jẹ́ bí `phq0` ṣe ń darí `phq6` lò ń wá, tó sì jẹ́ `phq0` nìkan ló ń fa àìwá wọn, àwọn 120 yẹn á fún ẹ ní ìdáhùn tó tọ́.

Ibi tó ti le ni pé nínú àwọn tó jọ bẹ̀rẹ̀ lójú kan náà, ó lè jẹ́ àwọn tára wọn burú sí i ni ò wá, dátà ò sì lè sọ ìyẹn fún ẹ. Fi 2 kún nọ́ńbà àwọn 80 tó o méfò fún, ìpíndọ́gba á kúrò ní 12, á di 12.8. Kọ méjèèjì sínú pépà, tí ìpinnu ẹ bá sì yí padà pẹ̀lú 2 péré, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.