Má fi ẹsẹ̀ wá eré nínú kúróòlù

Ẹni tó ń kọ́ kúróòlù, ìyẹn ìlúwẹ̀ẹ́ tí a ń dojú bolẹ̀, tí ọwọ́ méjèèjì ń fa omi lọ́kọ̀ọ̀kan, tó bá rí i pé òun kò tètè dé òdìkejì adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ohun tó sábà máa ń ṣe ni pé kó túbọ̀ fi ẹsẹ̀ gbá omi. Omi á máa ta sókè, èémí á máa gé, síbẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ sún síwájú. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Apá ló ń gbé wa lọ jù nínú ìlúwẹ̀ẹ́ yìí. Iṣan itan tóbi, ó sì ń jẹ atẹ́gùn púpọ̀, nítorí náà ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ṣe ẹ́ńjìnnì yóò ti rẹ̀ kí apá rẹ̀ tó ṣiṣẹ́ gidi.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìgbọ̀nwọ́ ṣáájú ọwọ́ lọ sẹ́yìn. Èyí ló ń ba nǹkan jẹ́ jù, àwọn olùkọ́ kì í sì í tẹnu mọ́ ọn tó. Bí ọwọ́ bá ti wọ omi, tó sì nà tán, ẹ dorí ìka kọ ìsàlẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ wà lókè, lẹ́bàá ojú omi. Àtẹ́lẹwọ́ àti apá láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́ á wá dojú kọ ẹ̀yìn pọ̀. Wọ́n á di omi mú, ẹ ó sì gba orí rẹ̀ kọjá. Bí ìgbọ̀nwọ́ bá wálẹ̀, ìsàlẹ̀ lẹ ń ti omi sí: àyà á gbéra, ìbàdí á rì.

Ẹsẹ̀ tó ń rì ni ọ̀pọ̀ ń fi gbígbá omi ṣáá wo sàn, bẹ́ẹ̀ orí tí wọ́n gbé sókè ló sábà máa ń fà á. Ẹ wo ilẹ̀ adágún. Ẹ má ká orúnkún bí ẹni ń wa kẹ̀kẹ́. Itan tó tẹ̀ síwájú ń dènà omi. Láti ìbàdí ni kí ìgbá ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ó kéré, kí ọrùn ẹsẹ̀ sì rọ̀.

Fún ọ̀nà jíjìn, ìgbá kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ọwọ́ kan bá fa omi tó. Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún bá ń nà síwájú, tí ti òsì ń fa omi, ẹsẹ̀ òsì ni kó gbá wálẹ̀. Ìgbá náà ń gbé ìbàdí òsì sókè, ara á yí, ọwọ́ ọ̀tún á sì nà dáadáa. Tí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá gbá nígbà náà, ó ń bá yíyí ara jà. Àwọn tó ń sáré 50 mítà ń gbá mẹ́fà fún ọwọ́ méjì, torí wọn kò ní pẹ́ nínú omi.

Ẹ fi mítà 25 dán ara yín wò. Ẹ ka iye ìgbà tí ọwọ́ yín fa omi, kí ẹ wo aago. Lẹ́yìn ìsinmi, ẹ há fóòmù sáàárín itan, kí ẹ tún lọ láìgbá ẹsẹ̀. Ká ní ọwọ́ 28 dín sí 24, tí àkókò kò sì pọ̀ sí i, ẹsẹ̀ yín ń fà yín sẹ́yìn ni. Ṣùgbọ́n fóòmù náà ń gbé ìbàdí sókè fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ tún ipò orí ṣe, kí ẹ tó fọwọ́ kan ìgbá.