Ìdí Tí Ògì Fi Ń Kan, Tí Irú Sì Ń Gbóná

Bakitéríà ló ń ṣiṣẹ́ nínú àgbàdo tí a rẹ fún ògì, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú irú. Síbẹ̀ ògì ń kan láìgbóná, irú ń gbóná láìkan. Ibi tí bakitéríà kọ̀ọ̀kan ń kó ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sí ló fà á: èérún tíńtín tó ń gbé iná mànàmáná, tó wà nínú gbogbo nǹkan, ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù.

Bí bakitéríà bá ń fọ́ oúnjẹ láti rí agbára, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù máa ń jáde lára oúnjẹ náà. Bí kò bá rí nǹkan tí yóò gbà á, iṣẹ́ dúró. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń fà á jù, òun ló sì ń mú agbára wá jù: nínú ìwé ẹ̀kọ́, glukósì kan, ìyẹn èérún ṣúgà kan, lè mú ATP, èérún tó ń gbé agbára nínú ohun alààyè, tó 38 wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye gidi sábà máa ń dín. Bí ọ́síjìn bá tán, àwọn bakitéríà kan a lo náítíréètì, agbára á dín díẹ̀. Àwọn mìíràn a lo súlféètì, agbára tiwọn kéré gan-an. Àwọn ló ń mú òórùn ẹyin bíbàjẹ́ jáde nínú ẹrẹ̀. Mímí ni gbogbo èyí.

Laktobasílọ́ọ̀sì, bakitéríà inú ògì, kì í mí báyìí. Àjákù ṣúgà tó fọ́ fúnra rẹ̀ ló ń kó ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lé, àjákù yẹn á sì di ásíìdì láátíìkì. ATP 2 péré, bó bá pọ̀ jù, ló ń rí lórí glukósì kan. Kó tó rí 38, ó di dandan kó fọ́ glukósì 19. Ìdí nìyẹn tí ògì fi ń kan kíákíá, tí agbára púpọ̀ sì kù sínú ásíìdì rẹ̀.

Agbára tó kù yẹn ni ìwúkàrà ń wá. Bí afẹ́fẹ́ bá kan ògì, awọ funfun ìwúkàrà tó hù lójú omikan ń fi ọ́síjìn jó ásíìdì náà, kíkan á dín, àwọn kòkòrò ìbàjẹ́ á ráyè. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí omi fi ìka mẹ́rin bo àgbàdo fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Lẹ́yìn tí ẹ bá lọ̀ ọ́ tí ẹ sẹ́ ẹ, ẹ bò ó, kí ẹ sì máa pààrọ̀ omikan lójoojúmọ́. Ògì tó kan dáadáa máa ń ní pH, ìyẹn òṣùwọ̀n kíkan, tó tó 3.5 sí 4. Bí èbu aláwọ̀ ewé, dúdú tàbí pupa bá hù, ẹ dà á nù. Sísè kì í pa májèlé èbu.

Bakitéríà tí à ń pè ní Basílọ́ọ̀sì ló ń ṣe irú, ọ́síjìn ló sì ń lò. Bó ṣe ń mí ni ooru ń jáde. Ẹ ro omi rẹ̀ dánu dáadáa, ẹ má jẹ́ kó nípọn ju ìka mẹ́rin lọ nínú igbá, ewé àti àpò ọ̀gbọ̀ ni kí ẹ fi bò ó. Bí ẹ bá fi ọ̀rá dì í pinpin, afẹ́fẹ́ kò ní wọlé. Ẹ fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kejì: bó bá tutù, tó ń rùn kíkan, ẹ tú u, kí ẹ tún omi ro, kí ẹ sì tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́.