Eyín kọ́, túúlu kọ́: bí mo ṣe fi ìwé kékeré dá ẹ̀fọ́rí mọ̀ yàtọ̀

Eyín ni wọ́n kọ́kọ́ yọ fún àbúrò mi. Ó ní orí ń fọ́ òun lápá òsì, ó ń wọ ẹ̀yìn ojú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí eyín òkè. Ẹni tó wò ó sọ pé eyín tó wà lẹ́yìn níbẹ̀ ló ń fa gbogbo rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, ojú egbò jinná, ẹ̀fọ́rí ò lọ. Nígbà tó wá sọ fún mi, mo dá a lóhùn kíá: "Túúlu ni. Èmi náà ní i." Apá òsì ló máa ń mú èmi náà, mo sì gbà pé bí ibi tó ń dunni bá ti jẹ́ ọ̀kan, àìsàn náà á jẹ́ ọ̀kan.

Dókítà tí mo lọ rí nítorí orí tèmi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ti ṣì í. Kò kọ oògùn kankan fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kí n ra ìwé kékeré, kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: aago tí orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, aago tó dá, ibi tó wà, bó ṣe ń ṣe, oògùn tí mo lò, àti ohun tí ara mi fẹ́ ṣe nígbà tó ń dùn mí. Ti ìkẹyìn yìí yà mí lẹ́nu. Mo ra ìwé méjì, mo fún àbúrò mi ní ọ̀kan.

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ìwé tèmi fi hàn pé ẹ̀fọ́rí méjì ni mo ní. Èkíní máa ń dé nírọ̀lẹ́ bí mo bá ti jókòó pẹ́. Ó máa ń mú iwájú orí, ẹ̀bátí méjèèjì àti ìpàkọ́, bí ẹni pé wọ́n fi okùn di orí mi le koko. Kì í lù, ńṣe ló ń fún mọ́ni. Mo lè máa ṣiṣẹ́ lọ, mo lè gun àtẹ̀gùn, mo lè jẹun. Nígbà mìíràn wákàtí kan ni, ó sì ti tó ọjọ́ méjì rí. Dókítà pè é ní ẹ̀fọ́rí tẹ́ńṣọ̀n, òun ló wọ́pọ̀ jù láàárín èèyàn.

Ìkejì ni túúlu gan-an, tí wọ́n ń pè ní máígíréènì. Ó máa ń lù kì-kì-kì, ó ń bá ọkàn mi rìn. Bí mo bá gun àtẹ̀gùn mẹ́wàá péré, á le sí i. Ìmọ́lẹ̀ á máa ta mí lójú, ohùn èèyàn á di ariwo, èébì á máa gbé mi. Láti wákàtí mẹ́rin sí ọjọ́ mẹ́ta ni irú rẹ̀ máa ń gbà bí èèyàn ò bá tọ́jú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ara mi máa ń fẹ́ ni yàrá tó ṣókùnkùn àti kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn mí.

Ọjọ́ kọkànlá ni ìwé náà kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tó dára jù. Mo kọ ọ́ pé: "Ọrùn ló ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ńṣọ̀n." Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo wà lórí ìkúnlẹ̀, mò ń bì. Dókítà ní ọrùn tó ń dunni wọ́pọ̀ gan-an nínú túúlu, ọ̀pọ̀ sì máa ń tìtorí ẹ̀ ṣi nǹkan mú. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, apá ọ̀tún ni túúlu mi mú, nígbà kan sì wà tó mú orí mi lápá méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni ibi tó ń dunni fi di ẹlẹ́rìí tí mi ò lè gbára lé lóun nìkan. Àtẹ̀gùn yẹn ló máa ń sọ òótọ́ fún mi: bí mo bá gùn ún tí nǹkan kan ò yí padà, tẹ́ńṣọ̀n ni.

(Ìwé náà tún tú mi fó: ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo lo oògùn ara-ríro nínú oṣù kan. Oògùn fúnra rẹ̀ á máa fa ẹ̀fọ́rí bí irú lílò bẹ́ẹ̀ bá ń lọ ní oṣù dé oṣù. Ibẹ̀ ni dókítà ti kọ́kọ́ bá mi wí.)

Ìwé àbúrò mi ò jọ tèmi rárá. "1:50 òru sí 2:40. Ojú òsì. 2:05 sí 2:50. Ojú òsì. 1:55 sí 2:45. Ojú òsì." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ aago kan náà lóròòru, kò sì sọdá sí ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan. Mo bi í bóyá ó máa ń dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló fẹ́ dùbúlẹ̀? Bí mo bá dùbúlẹ̀, ó dà bíi pé mo máa ya wèrè."

Mo lọ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní aago méjì òru, mo gbọ́ ẹsẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ nínú pálọ̀, ọwọ́ rẹ̀ tẹ ojú òsì, ó jókòó, ó dìde, ó fi orí gbá ògiri. Mo tan iná, kò tiẹ̀ bìkítà. Ojú òsì pọ́n, omi ń dà lójú yẹn nìkan, ihò imú òsì dí, ìpéǹpéjú òsì sì ti wálẹ̀ díẹ̀. Ojú ọ̀tún mọ́ kedere bíi ti ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Nígbà tó tó ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀, ó ti tán. Túúlu kì í lọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ oògùn rẹ̀ yé mi. Ó ti ń sọ tipẹ́ pé parasítámọ̀ máa ń ran òun lọ́wọ́, pé bí òun bá gbé e mì, kì í ju ìṣẹ́jú ogójì lọ kí orí tó fúyẹ́. Ìrora náà ló ń parí fúnra rẹ̀, oògùn kàn ń gba ìyìn ni.

Mo bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà, pẹ̀lú ìwé àti fọ́tò. Dókítà bi í bóyá ó ti ṣe é rí. Ó ní lọ́dún tó kọjá, ní ìgbà yìí kan náà, ó bá òun jà fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì dá pátápátá. Dókítà tún bi í nípa ọtí. Ó ní ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ife kan ti tó láti mú un wá, bẹ́ẹ̀ sì ni ọtí kì í ṣe òun ní nǹkan kan ní ìyókù ọdún. Ẹ̀fọ́rí kílọ́sítà nìyẹn, èyí tó máa ń dé lọ́wọ̀ọ́-lọ́wọ̀ọ́, tí á sì tún sinmi fún oṣù tàbí ọdún. Láti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí wákàtí mẹ́ta ló máa ń gbà, ó sì lè dé ní ìgbà mẹ́jọ lóòjọ́.

Wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, torí pé nǹkan mìíràn lábẹ́ ọpọlọ lè ṣe bíi rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ́síjìn ni wọ́n wá fún un pé kó máa fà bó bá ti bẹ̀rẹ̀: lítà méjìlá ní ìṣẹ́jú kan, láti inú ìbòjú tó bo imú àti ẹnu dáadáa, fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n fi ferapamíìlì kún un láti dín iye ìgbà tó ń dé kù, pẹ̀lú àyẹ̀wò ọkàn, torí oògùn yẹn lè dí bí ọkàn ṣe ń lù lọ́wọ́.

Dókítà sọ fún àwa méjèèjì pé kò sí àyè ìwé kíkọ fún ẹ̀fọ́rí tó bá dé lójijì tí ìrora rẹ̀ sì dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú kan, tàbí tó bá ibà àti ọrùn líle rìn, tàbí tí apá kan ara kú tàbí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ni lẹ́nu. Ọsibítù ni kéèyàn gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Àbúrò mi ṣì ń kọ ìwé tirẹ̀. Ní òru tó kọ́kọ́ lo ọ́síjìn, ohun tó kọ ni: "2:00 sí 2:12." Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.