Bí Obìnrin Ṣe Lè Kọ́ Iṣẹ́ Táìsì Títẹ́ Kó sì Pẹ́ Lẹ́nu Rẹ̀

Ní Iléṣà níbí, bí wọ́n bá rí obìnrin níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, wọ́n á ti gbà pé omi ló wá pọn tàbí oúnjẹ ló gbé wá. Ọmọbìnrin tó bá bi mí léèrè iṣẹ́ ilé kíkọ́ tó lè ṣe títí ọjọ́ alẹ́, táìsì títẹ́ ni mo máa ń sọ fún un, torí pé ẹni tó mọ nǹkan wọ̀n ló ń jẹun nídìí rẹ̀ ju ẹni tó lágbára lọ.

Ọ̀gá ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ẹ má sì wá a nínú ilé rẹ̀. Ẹ lọ bá a níbi iṣẹ́, kí ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Ṣé wọ́n ń fa okùn, ṣé wọ́n ń gé táìsì, àbí ọ̀gá nìkan ló ń fọwọ́ kan ẹ̀rọ? Ọmọbìnrin ni wọ́n sábà máa ń rán lọ ra oúnjẹ, títí fúrídọ̀mù á fi dé tí kò sì mọ gígé. Nítorí náà, bí àwọn òbí bá jókòó kọ ìwé àdéhùn, ẹ jẹ́ kí oṣù tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í gé táìsì wà nínú rẹ̀. Kó tún wà níbẹ̀ pé ẹ ò ní dá nìkan tẹ̀lé oníbàárà lọ wo ilé. Ọ̀gá tí èyí bá bí nínú, ẹ fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìṣirò ni kí ẹ gbájú mọ́. Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan ní Ayésò tó gùn ní mítà 4, tó sì fẹ̀ ní mítà 3.6. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀, ó jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 14.4. Táìsì ilẹ̀ tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 níbùú àti lóròó, mẹ́rin ló sábà máa ń wà nínú páálí, páálí kan á sì bo 1.44. Ìṣirò yìí sọ pé páálí 10 tó, bẹ́ẹ̀ kò tó. Mítà 4 kò ṣeé pín sí sẹ̀ǹtímítà 60 láìṣẹ́kù. Bí ẹ bá fi ojú ìpàdé táìsì méjì sí àárín yàrá, odindi mẹ́ta á wà lápá kọ̀ọ̀kan, á wá ku sẹ̀ǹtímítà 20 lẹ́bàá ògiri. Tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń fọ́ bí wọ́n bá ń gé e, kò sì dùn-ún wò. Ẹ fi àárín táìsì kan sí àárín yàrá dípò rẹ̀: odindi márùn-ún, àti gígé tó jẹ́ 50 lápá méjèèjì. Méje ni ìlà kan, ìlà mẹ́fà ló wà nínú mítà 3.6, 42 ni gbogbo rẹ̀. Páálí 10 kò ju 40 lọ. Páálí 11 ni kí ẹ sọ fún onílé, kí ó sì tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù, torí bí ọ̀kan bá fọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ó lè má rí irú àwọ̀ náà rà mọ́.

Bí ẹ bá tẹ́ ẹ tán, ẹ fi èékánná tàbí igi kékeré kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí igbá òfìfo, àpòpọ̀ sìmẹ́ńtì kò kún abẹ́ rẹ̀, ohun tó wúwo á là á. Ẹ yọ ọ́ kó tó gan.

Nípa owó, iye mítà onígun mẹ́rin ni kí ẹ máa fi dá iye iṣẹ́, kí ẹ sì fi owó lébùrà tó ń gbé ẹrù sínú rẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kìlógíráàmù 50. Kò sí ẹni tó ń fún yín lówó sí i nítorí pé ẹ̀yìn yín ló gbé e. Ẹ gba owó díẹ̀díẹ̀: ṣáájú iṣẹ́, lẹ́yìn títẹ́, àti lẹ́yìn tí ẹ bá dí ojú ìpàdé rẹ̀ tán. Àwọn bàbá wa Òṣómàáló lóṣòó kí wọ́n tó gba owó aṣọ tí wọ́n tà láwìn. Owó iṣẹ́ ọwọ́ kò yẹ kó dé ibẹ̀.

Orúkọ ọ̀gá yín kò kọjá ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹ ṣe ìdánwò Tíréèdì Tẹ́ẹ̀sì ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, láti ipele kẹta lọ sí èkejì, títí dé èkínní. Ẹ máa ya fọ́tò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ìwọ̀n àti ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Orúnkún àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń lé àwọn oníṣẹ́ yìí kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ de tìmùtìmù mọ́ orúnkún láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ fi omi gé táìsì kí eruku má baà gbéra, kí ẹ sì bo imú. Ní ti oyún, ẹ gba ọmọ iṣẹ́ kan ṣáájú ìgbà náà, kí ẹ kọ́ ọ títí yóò fi lè tẹ́ táìsì fúnra rẹ̀. Bí kíkúnlẹ̀ bá wá nira, ẹ̀yin lẹ óò máa wọn ilẹ̀, fa okùn, kí ẹ sì máa kan táìsì wò kí ẹ tó gbowó.