Bí àbúrò mi ṣe mọ àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì tó sì tún ń ṣi ìbéèrè rẹ̀ mú

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin ń múra ìdánwò JAMB, mo bá a jókòó ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ní ẹ̀yìn ìsọ̀ àdìrẹ ìyá wa ní Ìtòkú, nílùú Abẹ́òkúta, nítorí ohun kan tó ń dà á láàmú. Nínú ìbéèrè 60 tó wà lábẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tí wọ́n máa ń gbé odidi gbólóhùn kalẹ̀, tí wọn yóò sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ mú èyí tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ jù lọ nínú ìdáhùn mẹ́rin. Bí àkànlò èdè bá ti wà nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, ó máa ń ṣì í mú. Mo kọ́kọ́ rò pé kò mọ àwọn àkànlò èdè náà ni, àmọ́ nígbà tí mo bi í, ó kà wọ́n fún mi geere: “kick the bucket” ni kí èèyàn kú, “spill the beans” ni kí èèyàn tú àṣírí. Ó mọ̀ wọ́n, síbẹ̀ mẹ́rin péré ló gbà nínú mẹ́wàá tó fi dánra wò.

Mo ní kó ka ọ̀kan nínú èyí tó pàdánù sókè. Gbólóhùn náà ni: “Had Sade not spilled the beans, the visitors would have been surprised.” Ìdáhùn tó mú sọ pé Ṣadé pa àṣírí mọ́.

Mo bi í pé, “Kí ló dé tó o fi mú un?”

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí ‘not’ tó wà níbẹ̀ ni?”

Ibẹ̀ ni mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìtumọ̀ àkànlò èdè àti “not” nìkan ló wò, kò wo “Had” àti “would have” tó yí wọn ká, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn yẹn gan-an ló ń yí gbólóhùn padà. Mo ní kó yọ àkànlò èdè náà kúrò, kó fi ọ̀rọ̀ lásán dípò rẹ̀, kó má ṣe fọwọ́ kan ohun yòókù, kó wá sọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá. Ó rò ó díẹ̀, ó ní: “Bí kì í bá ṣe pé Ṣadé tú àṣírí ni, ẹnu ìbá ya àwọn àlejò.” Kò tíì sọ ọ́ tán tó fi rẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ọmọ Yorùbá tó máa gbọ́ “ìbá” tí kò ní mọ̀ pé nǹkan náà kò ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó dáhùn ìbéèrè méjì. Ṣé Ṣadé tú àṣírí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹnu ya àwọn àlejò? Rárá. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló bá méjèèjì mu. Òmíràn wà níbẹ̀ tó sọ pé Ṣadé tú àṣírí, tí ẹnu sì ya àwọn àlejò. Irú èyí ló máa ń mú ẹni tó mọ àkànlò èdè àmọ́ tí kò ka gbólóhùn dé òpin.

Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, “The old trader almost kicked the bucket last year” ló dé ọwọ́ wa. Ó fẹ́ mú pé bàbá oníṣòwò náà kú lọ́dún tó kọjá, kí ó tó padà sí “almost”. Bàbá náà ò kú, ó kù díẹ̀ ni.

A tún wo ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àkànlò èdè rárá. Bí gbólóhùn bá ní obìnrin kan da ẹ̀wà sílẹ̀ ní ọjà Kútọ̀, tó sì ṣà á padà sínú igbá, ẹ̀wà gidi ni. Ìrísí ọ̀rọ̀ náà tún máa ń ṣòfófó: “the beans were spilled” ṣì lè túmọ̀ sí pé àṣírí tú, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá kọ “the bucket was kicked”, garawa gidi ni ẹnì kan ta nípàá. Bẹ́ẹ̀ náà ni “kicked a bucket”, nítorí “the” kò ṣeé yí padà níbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ kẹta, ó gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Èyí tó ṣẹ́ kù ni “let sleeping dogs lie”, tí kò gbọ́ rí. Ó ti fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ, ó sì rò pé irọ́ pípa ni “lie”, nígbà tó jẹ́ pé sísùn sílẹ̀ ni: kí a má tún tú ọ̀rọ̀ tó ti rọlẹ̀. Ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀, ó sì fi ìyókù ìrọ̀lẹ́ náà bi mí ní àwọn mìíràn tí kò mọ̀.