Owó àtijọ́ ni kí ẹ fi pín in

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ṣírò iye tí ọjà fi wọ́n sí i. Ká ní kóńgò ìrẹsì kan jẹ́ ₦2,000 tẹ́lẹ̀, ó wá di ₦2,500. Ẹ yọ owó àtijọ́ kúrò nínú tuntun, ó ku 500. Ẹ fi 2,000 pín 500 yẹn, ẹ ó rí 0.25. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100: ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi lé.

Owó tuntun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pín in, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í. Ẹ fi 2,500 pín 500, 0.20 ni yóò jáde, ìyẹn ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún 2,000 jẹ́ 400, ẹ fi kún 2,000, 2,400 péré ni. Kò pé.

Lórí fóònù, ó yá ju báyìí lọ: 2500 ÷ 2000 = 1.25, ẹ yọ 1 kúrò. Ṣùgbọ́n kóńgò kan náà ni kó jẹ́ o, torí àwọn ọlọ́jà kan ti tẹ ìdí kóńgò tiwọn wọnú.