Bí Ọ́dítọ̀ Ṣe Lè Rí Òwò Ìdílé Tí Oníléeṣẹ́ Kò Sọ

Níléeṣẹ́ tó jẹ́ pé ẹnì kan ló ni ín, tó tún ń darí rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ọ̀gá pé kí ló dé tó fi ń rajà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Òfin ò ní kó má rà á. Ṣùgbọ́n bí kò bá sọ ọ́, báńkì tó fẹ́ yá iléeṣẹ́ náà lówó kò ní mọ ibi tí èrè ń gbà lọ.

Kí o tó ṣí ìwé owó rárá, ní kí ọ̀gá kọ orúkọ ìyàwó, àwọn ọmọ àti àwọn tó ń gbọ́ bùkátà wọn, pẹ̀lú gbogbo òwò tí wọ́n lọ́wọ́ sí, kó sì buwọ́ lù ú. Béèrè orúkọ bàbá ìyàwó náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òwò ń sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà, yẹ orúkọ wọn wò lọ́dọ̀ CAC, àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Òfin iléeṣẹ́, CAMA 2020, ní kí ẹni tó ní ìpín 5% ó kéré tán fara hàn, àmọ́ ohun tí wọ́n bá fi sílẹ̀ nìkan ni wàá bá níbẹ̀. Ẹni tó fi orúkọ awakọ̀ rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ kò ní hàn.

Ìdí nìyí tó fi yẹ kí o tú ìwé àwọn tó ń tajà tàbí tó ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ náà. Ká ní iléeṣẹ́ kan ń ta sìmẹ́ńtì n'Ìbàdàn, àwọn kan sì ń fi ọkọ̀ kó o fún un. Ìnfọ́ìsì ọ̀kan nínú wọn jẹ́ 014 ní oṣù kìíní, 015 ní oṣù kejì, 016 ní oṣù kẹta. A jẹ́ pé kò ní oníbàárà mìíràn. Àwọn yòókù ń gba ₦240,000 lórí ìrìn kan, òun ń gba ₦350,000. Wọ́n ń sanwó fún un lọ́jọ́ kan náà, àwọn yòókù ń dúró fún oṣù kan. Nígbà tí o gba ìwé rẹ̀ ní CAC, o rí i pé oṣù tó ṣáájú ìnfọ́ìsì àkọ́kọ́ ni wọ́n dá a sílẹ̀, orúkọ bàbá ìyàwó ọ̀gá sì ni dáírẹ́kítọ̀ rẹ̀ ń jẹ́.

Èyí tí kò ní ìnfọ́ìsì ló nira jù. Kọ̀wé sí báńkì, kí o béèrè bóyá iléeṣẹ́ náà dúró fún gbèsè ẹlòmíì. Wo báńkì sítétímẹ́ǹtì ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn òpin ọdún pẹ̀lú: owó tí ọ̀gá dá padà ní December 29 lè jáde ní January 4.

Bí o bá ti rí ọ̀kan, ìlànà iṣẹ́ ọ́dítọ̀, ISA 550, ní kí o sọ fáwọn tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, kí o bi ọ̀gá ìdí tí kò fi sọ, kí o sì wá irú rẹ̀ mìíràn. Ìbátan náà, iye owó òwò náà àti gbèsè tó kù gbọ́dọ̀ hàn nínú àlàyé ìṣirò owó. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ pé iye ọjà ni wọ́n san láìsí ẹ̀rí. ₦350,000 yẹn kì í ṣe iye ọjà. Bí ọ̀gá bá kọ̀ láti fi í hàn, tí owó náà sì pọ̀ tó láti ṣi òǹkàwé lọ́nà, sọ ọ́ nínú ìjábọ̀ rẹ pé ìṣirò náà kò pé.